Ẹni tó wà lẹ́yìn ìsọ̀ ń hàn níwájú rẹ̀: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí títo àwòrán gémù

Mo kó àwọn ìbéèrè yìí jọ nítorí pé àwọn kan náà ni àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe gémù nílùú Ìbàdàn ń bi mí lemọ́lemọ́. Kí ọ̀rọ̀ má baà fò lójú òfuurufú, gémù kan ṣoṣo ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ láti òkè dé ìsàlẹ̀: ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Àkànbí ń rìn kiri nínú ọjà Bódìjà, àwa sì ń wò ó láti òkè. Ìsọ̀ wà níbẹ̀, igi wà níbẹ̀, alábàárù àti takisí Maíkírà náà wà níbẹ̀.

Kí ni mo máa rí tí n óò fi mọ̀ pé ìṣòro títo àwòrán ni mo ní?

Àkànbí gba ẹ̀yìn ìsọ̀ aláta kọjá, ṣùgbọ́n dípò kí ìsọ̀ bo apá kan ara rẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ hàn lórí ìsọ̀ náà bí ẹni tó gun òrùlé. Tàbí kó dúró níwájú ìsọ̀, kí ìsọ̀ sì bo orí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ohun mìíràn tó tún máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé ìsọ̀ kan á dára, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ àwòrán kan náà ni a fi ṣe méjèèjì.

Bí ó bá jẹ́ pé Àkànbí ń gba inú ìsọ̀ kọjá bí afẹ́fẹ́, ọ̀ràn ìkọlù nìyẹn, kì í ṣe ti títò. Ìkọlù ló ń sọ ibi tí ẹsẹ̀ lè tẹ̀. Títò ló ń sọ ẹni tó bo ẹnìkejì. Ẹ yanjú wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Kí ló dé tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣe bẹ́ẹ̀?

Nítorí pé kò mọ ohun tó ń jẹ́ iwájú àti ẹ̀yìn. Nínú gémù tí a ń wò láti òkè, àwòrán pẹlẹbẹ ni gbogbo sípíráìtì. Ẹ́ńjìnì ń yà wọ́n sójú kọ̀ǹpútà lọ́kọ̀ọ̀kan, bí akunlé ṣe ń fi ọ̀dà kan lé òmíràn: èyí tí a yà gbẹ̀yìn ló ń bo èyí tí a ti yà ṣáájú.

Bí ẹ bá fi Àkànbí sínú àkójọ ṣáájú, tí ẹ wá fi ìsọ̀ sí i, ìsọ̀ ni yóò máa bò ó títí ayé, ibi yòówù kó dúró sí. Bí ẹ bá yí i padà, òun ni yóò máa bo ìsọ̀. Kò sí ètò kan tó dúró lójú kan tó lè bá gbogbo ibi tí Àkànbí lè rìn dé mu. Ìdí nìyí tí ètò náà fi gbọ́dọ̀ máa yí padà bí ó ti ń rìn.

Kí wá ni ojútùú rẹ̀?

Ẹ to gbogbo ohun tó dúró lórí ilẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ipò wọn lórí y, kí ẹ tó yà wọ́n, nínú fíréèmù kọ̀ọ̀kan. Nínú LÖVE, Pygame àti Godot, 0 ni òkè pátápátá ojú kọ̀ǹpútà, y sì ń pọ̀ sí i bí a ti ń sọ̀ kalẹ̀. Ohun tí y rẹ̀ kéré ló jìnnà sí wa, òun ni a ó kọ́kọ́ yà. Ohun tí y rẹ̀ pọ̀ ló sún mọ́ wa, a ó yà á gbẹ̀yìn kó lè bo èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ilẹ̀, ọ̀nà ọ̀dà àti koríko kò sí nínú títò yìí. Ẹ yà wọ́n tán kí títò tó bẹ̀rẹ̀, nítorí pé kò sí ẹni tó lè bọ́ sẹ́yìn ilẹ̀ tó ń tẹ̀. Òjìji tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ èèyàn náà bẹ́ẹ̀: ẹ ya gbogbo òjìji lẹ́yìn tí ẹ bá ti ya ilẹ̀ tán, kí ẹ tó ya èèyàn kankan. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òjìji ẹnì kan lè ṣubú lé ojú ẹlòmíràn.

Y wo gan-an ni kí n fi tò wọ́n?

Y ibi tí nǹkan náà ti fara kan ilẹ̀. Ìlà ẹsẹ̀ ni mo máa ń pè é. Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà, nítorí pé y tí ẹ́ńjìnì fún yín sábà máa ń jẹ́ ti igun òkè àwòrán lápá òsì, tàbí ti àárín rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi iye wò ó. Àwòrán ìsọ̀ aláta ga ní píkísẹ́lì 80, igun òkè rẹ̀ wà ní y = 200. Ìlà ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 200 + 80 = 280. Àwòrán Àkànbí ga ní 48, igun òkè rẹ̀ wà ní y = 225. Ìlà ẹsẹ̀ tirẹ̀ jẹ́ 225 + 48 = 273. Lórí ilẹ̀, Àkànbí wà lẹ́yìn ìsọ̀, nítorí pé 273 kéré sí 280. Àmọ́ bí a bá fi igun òkè tò wọ́n, 225 ju 200 lọ, a ó ya Àkànbí gbẹ̀yìn, yóò sì hàn lórí ìsọ̀. Ìyẹn ni pé ẹ ti ń tò lóòótọ́, iye tí kò tọ́ ni ẹ fi ń tò.

Ẹ ó tún rí i pé bí gbogbo àwòrán bá ga bákan náà, igun òkè àti ìlà ẹsẹ̀ máa ń fúnni ní ètò kan náà. Ìdí nìyẹn tí gémù fi máa ń dára nígbà tí èèyàn nìkan wà nínú rẹ̀, tó wá dàrú lọ́jọ́ tí a fi ìsọ̀ àkọ́kọ́ sí i.

Ilé gíga ńkọ́? Ṣé gíga rẹ̀ kò ní da títò rú?

Kò ní dà á rú. Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀, tí wọ́n parí ní 1965, ní àjà 26. Bí ẹ bá yà á sínú gémù yín, orí rẹ̀ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òkè ojú kọ̀ǹpútà, síbẹ̀ ìlà ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan la ó fi tò ó. Gíga kò sọ nǹkan kan nípa ẹni tó wà níwájú.

Ohun tí gíga ń fà ni pé ẹni tó bá bọ́ sẹ́yìn ilé náà yóò pòórá pátápátá. Títò ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, ẹni tó ń fi gémù ṣeré ni kò rí ara rẹ̀ mọ́. Bí ìlà ẹsẹ̀ Àkànbí bá kéré sí ti ilé, tí àwòrán rẹ̀ sì bọ́ sínú àyè tí àwòrán ilé gbà, ẹ jẹ́ kí àwòrán ilé náà hàn fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, kí alpha rẹ̀ jẹ́ bíi 0.5, kí a lè rí Àkànbí lẹ́yìn rẹ̀.

Báwo ni kóòdù rẹ̀ ṣe rí?

Kò gùn rárá. Èyí jẹ́ ti LÖVE, tó ń lo Lua:

```lua
for _, o in ipairs(awon) do
  o.ese = o.y + o.giga
end

table.sort(awon, function(a, b)
  return a.ese < b.ese
end)

for _, o in ipairs(awon) do
  love.graphics.draw(o.aworan, o.x, o.y)
end
```

Ẹ jẹ́ kí `awon` jẹ́ àkójọ tí ẹ ń lò fún yíyà nìkan. Bí apá mìíràn nínú gémù yín bá ń pe ohun kan ní "ìkẹta nínú àkójọ", títò yóò gbé e kúrò ní ipò kẹta, apá náà yóò sì mú ohun tí kì í ṣe tirẹ̀.

Pygame kò nílò ju ìlà kan lọ, nítorí pé `rect.bottom` ti jẹ́ ìlà ẹsẹ̀ tẹ́lẹ̀:

```python
for s in sorted(awon, key=lambda s: s.rect.bottom):
    oju.blit(s.image, s.rect)
```

Ṣé títò nínú gbogbo fíréèmù kò ní mú kí gémù fà?

Fún ọgọ́rùn-ún mélòó kan èèyàn àti ìsọ̀, rárá. Yíyà àwọn àwòrán náà gan-an ló ń jẹ agbára ju títò wọn lọ. Bí ọjà yín bá tóbi, kìkì ohun tó wà níwájú kámẹ́rà ni kí ẹ kó sínú àkójọ. Àmọ́ ẹ fi àyè sílẹ̀ nísàlẹ̀: igi gíga lè ní ẹsẹ̀ tó ti bọ́ sísàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà, kí orí rẹ̀ sì ṣì hàn.

Mo ti fi ìlà ẹsẹ̀ tò ó, síbẹ̀ ó ń yí ìpò padà kó tó yẹ tàbí lẹ́yìn tó yẹ. Kí ló kù?

Ó ṣeé ṣe kí òfìfo wà nísàlẹ̀ àwòrán yín. Ẹni tó yà á lè ti fi ìlà píkísẹ́lì 6 tí kò ní àwọ̀ kankan sílẹ̀ lábẹ́ bàtà. Nígbà náà `y + giga` yóò mú ibi tó fi 6 kọjá bàtà. Ẹ padà wo àpẹẹrẹ òkè: bí ìsọ̀ bá ní òfìfo 6 yẹn nísàlẹ̀, ilẹ̀ tó fara kàn gan-an jẹ́ 274, kì í ṣe 280. Àkànbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà ní 277 ti wà níwájú ìsọ̀ náà, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ṣì ń rò pé ẹ̀yìn ló wà.

Ẹ má fi ojú wọ̀n ọ́n. Ẹ ya ìlà pupa tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí ibi tí ìlà ẹsẹ̀ ohun kọ̀ọ̀kan wà, kí ẹ sì kọ iye rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀:

```lua
love.graphics.setColor(1, 0, 0)
love.graphics.line(o.x, o.ese, o.x + o.fife, o.ese)
love.graphics.print(o.ese, o.x, o.ese)
love.graphics.setColor(1, 1, 1)
```

Ẹ ṣe é lẹ́yìn tí gbogbo àwòrán bá ti jáde, kí ohunkóhun má bo àwọn ìlà náà. Bí ìlà pupa kò bá sí níbi tí bàtà tàbí ẹsẹ̀ àtẹ ti kan ilẹ̀, ẹ ti rí ẹ̀bi náà nìyẹn. Kí ni mo máa ń ní kí èèyàn ṣe kó tó fọwọ́ kan ìlà kóòdù kankan? Èyí ni. Ìdajì àwọn tó wá bá mi ni ìlà pupa yìí ti dá lóhùn kí n tó sọ̀rọ̀.

Nígbà tí Àkànbí bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fò sẹ́yìn ìsọ̀. Kí ló fà á?

Àwòrán ìdúró rẹ̀ ga ní 48, èyí tó fi ń bẹ̀rẹ̀ ga ní 36. Bí y bá jẹ́ ti igun òkè, tí kò sì yí padà, ìlà ẹsẹ̀ yóò sún sókè ní píkísẹ́lì 12 lẹ́ẹ̀kan náà, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kúrò níbi tó wà.

Ojútùú tó dára jù ni kí ẹ yí ohun tí y túmọ̀ sí nínú gémù yín. Kí x àti y ohun kọ̀ọ̀kan jẹ́ ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà, kí ẹ wá ti àwòrán sókè nígbà yíyà:

```lua
love.graphics.draw(o.aworan, o.x - o.fife/2, o.y - o.giga)
```

Láti ìgbà náà lọ, `o.y` fúnra rẹ̀ ni ẹ ó fi máa tò, gíga àwòrán kò sì ní kan títò mọ́. Bí òfìfo bá wà nísàlẹ̀ àwòrán, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú `o.giga` lójú ibẹ̀. Ẹni tó bá ń bẹ̀rẹ̀ gémù tuntun, irú y yìí ni kó lò láti ọjọ́ kìíní.

Àwọn méjì tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ń ṣẹ́jú, èyí bo tọ̀hún, tọ̀hún bo èyí. Kí nìdí?

Ìlà ẹsẹ̀ wọn dọ́gba. Bí iye méjì bá dọ́gba, `table.sort` ti Lua kò ṣèlérí pé òun yóò fi wọ́n sílẹ̀ bí òun ṣe bá wọn. Nínú fíréèmù kan, aláta ṣáájú. Nínú èyí tó tẹ̀ lé e, oníbàárà ṣáájú. Ojú wa á rí i bí ohun tó ń ṣẹ́jú. `sorted` ti Python kì í ṣe bẹ́ẹ̀, torí pé ó máa ń pa ètò àwọn tó dọ́gba mọ́.

Ẹ fún ohun kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tí kì í yí padà nígbà tí ẹ dá a sílẹ̀, kí ẹ fi nọ́ńbà náà yanjú ìdọ́gba:

```lua
table.sort(awon, function(a, b)
  if a.y ~= b.y then return a.y < b.y end
  return a.id < b.id
end)
```

Ẹni tó bo ẹnìkejì nígbà tí wọ́n dọ́gba kò ṣe pàtàkì. Ohun tó ṣe pàtàkì ni kó jẹ́ ẹnì kan náà nígbà gbogbo.

Lua ń pariwo "invalid order function for sorting". Kí ni mo ṣe fún un?

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi lójú pé `<=` lẹ kọ dípò `<`. Ìbéèrè tí `table.sort` ń bi fọ́ńkíṣọ̀n yín ni pé: ṣé dandan ni kí `a` wá ṣáájú `b`? Bí wọ́n bá dọ́gba, bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ìdáhùn. `<=` ń dáhùn bẹ́ẹ̀ ni fún `a`, ó tún ń dáhùn bẹ́ẹ̀ ni fún `b`, ohùn méjèèjì sì ta kora. Kì í pariwo lójoojúmọ́, ìyẹn ló fi máa ń bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́: ó di ìgbà tí àwọn tó dọ́gba bá pọ̀ nínú àkójọ.

Godot ni mo ń lò. Ṣé mo ní láti kọ kóòdù yìí?

Rárá. Nínú Godot 4, ẹ dá `Node2D` kan sílẹ̀, ẹ pè é ní `Oja`, kí ẹ sì tan `Y Sort Enabled` fún un lábẹ́ `Ordering`. Gbogbo ọmọ tó wà lábẹ́ rẹ̀ yóò máa tò gẹ́gẹ́ bí y wọn. Àwọn tó ń wo ẹ̀kọ́ ayé Godot 3 máa ń wá nóòdù kan tó ń jẹ́ `YSort`. Kò sí mọ́, àpótí tí ẹ tàn yìí ló rọ́pò rẹ̀.

Iṣẹ́ tó kù sí yín lọ́wọ́ ni ìlà ẹsẹ̀. `Sprite2D` máa ń fi àárín àwòrán sí ojú ipò rẹ̀. Fún Àkànbí tó ga ní 48, ẹ gbé `Sprite2D` rẹ̀ sókè sí y = -24 lábẹ́ `CharacterBody2D`, kí ojú ipò `CharacterBody2D` lè bọ́ sí bàtà rẹ̀. Fún ìsọ̀ tó ga ní 80, ó jẹ́ -40. Ẹ fi àpótí ìkọlù náà sí ibi bàtà, kì í ṣe sí gbogbo ara.

Mo tan Y Sort, àwọn ìsọ̀ kan sì ń gbọ́, àwọn kan kò gbọ́. Ṣé Godot ló bàjẹ́ ni?

Godot kò bàjẹ́. Ohun méjì ni kí ẹ wò. Àkọ́kọ́ ni `Z Index`. Àwọn tí `Z Index` wọn bá dọ́gba nìkan ni wọ́n ń tò pọ̀. Ìsọ̀ tí ẹnì kan ti fún ní 1 nígbà kan rí, bóyá láti fi pa ìṣòro yìí kan náà lẹ́nu, yóò máa bo Àkànbí níbi gbogbo. Ẹ dá gbogbo wọn padà sí 0.

Èkejì ni àwọn nóòdù tó wà láàárín. Ká ní ẹ kó gbogbo ìsọ̀ sábẹ́ `Node2D` kan tó ń jẹ́ `Iso` kí nǹkan lè wà létòlétò, tí `Iso` sì wà lábẹ́ `Oja`. `Iso` fúnra rẹ̀ wà ní y = 0. `Oja` ń tò `Iso` bí ohun kan ṣoṣo tí y rẹ̀ jẹ́ 0, nítorí náà gbogbo ìsọ̀ jáde ṣáájú Àkànbí, kò sì sí èyí tó lè bò ó. Ẹ tan `Y Sort Enabled` fún `Iso` náà, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò sì dara pọ̀ mọ́ títò `Oja`.

Àmọ́ ẹ má tàn án fún Àkànbí fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá tàn án, fìlà rẹ̀, ara rẹ̀ àti òjìji rẹ̀ yóò tú ká sínú títò, ẹlòmíràn sì lè bọ́ sáàárín fìlà àti orí. Orí nóòdù tó ń kó nǹkan jọ nìkan ni kí ẹ ti tàn án.

Igi tí mo fi táìlì ṣe ń ya sí méjì: Àkànbí wà lẹ́yìn ìdí igi, ṣùgbọ́n ó hàn lórí ewé rẹ̀. Báwo?

Táìlì kọ̀ọ̀kan ń tò pẹ̀lú y tirẹ̀. Ìdí igi wà ní ìlà ìsàlẹ̀, ewé wà ní ìlà tó wà lókè rẹ̀, nítorí náà kọ̀ǹpútà gbà pé ewé jìnnà sí wa ju ìdí lọ. Bẹ́ẹ̀ orí igi kan náà ni wọ́n wà, ilẹ̀ kan náà ni wọ́n sì dúró lé.

Nínú `TileSet` Godot, táìlì kọ̀ọ̀kan ní `Y Sort Origin`. Bí táìlì yín bá jẹ́ 32 ní 32, ẹ fún ìdí igi ní 16, kó lè bọ́ sí ìsàlẹ̀ táìlì náà. Ẹ fún ewé tó wà lórí rẹ̀ ní 48, ìyẹn 16 àti 32 tí táìlì kan fi jìnnà. Méjèèjì á wá ní ìlà ẹsẹ̀ kan náà. Ẹ rántí tan `Y Sort Enabled` fún `TileMapLayer` tí àwọn igi wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì fi ilẹ̀ sí `TileMapLayer` mìíràn tí ẹ kò tàn án fún.

Unity ńkọ́?

Nínú Unity, y ń pọ̀ sí i bí a ti ń gòkè, nítorí náà ètò náà dojú kọ ọ̀dọ̀ kejì: y tó pọ̀ ni a kọ́kọ́ ń yà. Ẹ fi `Transparency Sort Mode` sí `Custom Axis`, kí iye rẹ̀ jẹ́ (0, 1, 0). Bí ẹ bá ń lo URP, inú fáìlì `Renderer 2D` ni ẹ ó ti rí i. Ẹ wá fi `Pivot` àwòrán sí ìsàlẹ̀, kí ẹ sì yí `Sprite Sort Point` sí `Pivot`. Bí ẹ bá gbàgbé èyí, àárín ni yóò máa lò.

Àwọn kan fẹ́ràn kí wọ́n máa kọ `sortingOrder` fúnra wọn láti inú y. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ iye náà kò lè kọjá -32768 sí 32767. Bí ẹ bá fi 100 sọ y di púpọ̀, ọjà tó bá ga ju nǹkan bí 327 lọ sí òkè tàbí sísàlẹ̀ yóò dàrú.

Nígbà tí Àkànbí bá fò sókè, ó ń bọ́ sẹ́yìn ìsọ̀. Alábàárù náà, ẹrù orí rẹ̀ ń bọ́ sẹ́yìn àwọn èèyàn.

Ìdí kan náà ni méjèèjì ní: ẹ ti da gíga pọ̀ mọ́ ipò orí ilẹ̀. Fífò sókè kì í ṣe rírìn lọ sẹ́yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé méjèèjì ń gbé àwòrán sókè lójú kọ̀ǹpútà. Ẹ fi gíga sí ibi tirẹ̀, ká pè é ní `o.oke`. Ẹ fi `o.y` tò ó, kí ẹ sì yà á sí `o.y - o.giga - o.oke`. Òjìji kò ní fò. Ó dúró sí `o.y`, òun náà ló sì ń jẹ́ kí ẹni tó ń wò mọ ibi tí ó máa balẹ̀ sí.

Ẹrù orí alábàárù kò ní ìlà ẹsẹ̀ tirẹ̀ rárá. Kò kan ilẹ̀. Bí ẹ bá fi sínú àkójọ bí ohun tó dá dúró, y rẹ̀ yóò kéré, gbogbo ẹni tó wà nítòsí á sì bò ó. Ẹ yà á pẹ̀lú alábàárù, ní kété tí ẹ bá ti ya ara rẹ̀ tán, bí apá kan lára rẹ̀. Ọjọ́ tó bá sọ ẹrù náà kalẹ̀ ni kí ẹ tó fún un ní y tirẹ̀ nínú àkójọ.

Mo fẹ́ kí èèyàn lè wọ inú ìsọ̀. Ìlà ẹsẹ̀ wo ni kí n fún ìsọ̀ náà?

Ìlà kan ṣoṣo kò lè tó o, ẹ má sì lo àkókò yín láti wá a. Ẹni tó wà nínú ìsọ̀ gbọ́dọ̀ bo ògiri ẹ̀yìn, kí àtẹ iwájú sì bo òun. Bí ìsọ̀ bá jẹ́ àwòrán kan, ó di kó bò ó tán tàbí kó má bò ó rárá.

Ẹ gé àwòrán náà sí méjì. Ògiri ẹ̀yìn kan ilẹ̀ ní 220, àtẹ iwájú kan ilẹ̀ ní 280. Àkànbí wọlé, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà ní 250. Ètò yíyà yóò jẹ́ ògiri, Àkànbí, àtẹ, bó ṣe yẹ gan-an. Bó bá jáde síwájú, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dé 290, òun ló gbẹ̀yìn. Òrùlé tàbí agboòrùn tó wà lókè orí rẹ̀ jẹ́ ẹ̀ka kẹta: ẹ fún un ní ìlà ẹsẹ̀ àtẹ iwájú, kí ẹ sì dín alpha rẹ̀ kù nígbà tí Àkànbí bá wà nínú.

Òfin tí mo máa ń tẹ̀ lé ni pé ibikíbi tí èèyàn bá ti lè dúró láàárín apá méjì ohun kan, ibẹ̀ ni kí a ti gé ohun náà.

Takisí Maíkírà tí mo páàkì ní ìdàgẹ̀rẹ̀ ń bo ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

Ìtẹ́lẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe ìlà tó tẹ́jú. Ká ní takisí náà gba píkísẹ́lì 80 ní fífẹ̀, imú rẹ̀ lápá òsì kan ilẹ̀ ní 300, ìdí rẹ̀ lápá ọ̀tún kan ilẹ̀ ní 260. Bí ẹ bá fún gbogbo rẹ̀ ní 300, ẹni tó dúró níwájú ìdí rẹ̀ ní 276 yóò bọ́ sábẹ́ ọkọ̀. Bí ẹ bá fún un ní 260, ẹni tó wà lẹ́yìn imú rẹ̀ ní 276 yóò gun orí rẹ̀.

Ẹ gé e ní òòró sí ọ̀nà márùn-ún, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní 16. Láti òsì sí ọ̀tún, ẹ fún wọn ní ìlà ẹsẹ̀ 296, 288, 280, 272 àti 264. Ẹni tó wà ní 276 lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú yóò wà lẹ́yìn ọ̀nà àkọ́kọ́. Ẹni tó wà ní 276 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí yóò wà níwájú ọ̀nà ìkarùn-ún. Méjèèjì ti bọ́ sípò. Kò sídìí láti gé àwòrán fúnra rẹ̀ nínú fáìlì: `love.graphics.newQuad` lè mú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan láti inú àwòrán kan ṣoṣo.

Ibi tí ó ti lè yọ yín lẹ́nu ni àárín, níbi tí ara èèyàn tó fẹ̀ ní 32 bá kan ọ̀nà méjì lẹ́ẹ̀kan náà, kí ọ̀kan bo ejìká rẹ̀ òsì kí èkejì má bo tọ̀tún. Àpótí ìkọlù ló ń wo èyí sàn. Ẹ jẹ́ kó dà gẹ̀rẹ̀ bí ọkọ̀ náà ti dà gẹ̀rẹ̀, kí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni má lè dé orí ìlà ìtẹ́lẹ̀ ọkọ̀.

Mo fẹ́ ṣe afárá Mọ́kọ́lá, kí èèyàn lè gba òkè rẹ̀ kọjá, kí ọkọ̀ sì gba abẹ́ rẹ̀. Ṣé y nìkan tó?

Kò tó. Ẹni tó wà lórí afárá àti ẹni tó wà nísàlẹ̀ lè ní y kan náà lójú kọ̀ǹpútà, bẹ́ẹ̀ ipele ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n wà. Ẹ fún ohun kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ipele: 0 fún ilẹ̀, 1 fún ojú afárá. Ẹ fi ipele tò ó ná, kí ẹ tó fi y tò ó:

```lua
if a.ipele ~= b.ipele then return a.ipele < b.ipele end
if a.y ~= b.y then return a.y < b.y end
return a.id < b.id
```

Ojú afárá fúnra rẹ̀ di ilẹ̀ ipele 1: ẹ yà á lẹ́yìn gbogbo ohun ipele 0, ṣáájú ẹnikẹ́ni tó wà ní ipele 1. Ibi tí afárá ti gòkè láti ilẹ̀ ni nọ́ńbà ti ń yí padà. Ẹ fi ìlà kan síbẹ̀. Ẹni tó bá kọjá rẹ̀ sókè di 1, ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ padà di 0. Ìkọlù náà gbọ́dọ̀ wo ipele, kí takisí abẹ́ afárá má baà kọlu ẹni tó wà lórí.

Ààlà ọ̀nà yìí ni òpó iná gíga tó dúró lórí ilẹ̀ níwájú afárá. Ipele 0 ló wà, nítorí náà ojú afárá yóò bò ó, bẹ́ẹ̀ òun ló yẹ kó bo afárá. Ẹ gé òpó náà ní ibi gíga tí ojú afárá wà: ìsàlẹ̀ rẹ̀ dúró ní ipele 0, òkè rẹ̀ bọ́ sí ipele 1, kí méjèèjì sì ní ìlà ẹsẹ̀ kan náà, ìyẹn y ibi tí òpó ti wọ ilẹ̀. Bí irú òpó bẹ́ẹ̀ bá pọ̀ nínú máàpù yín, ó máa ń rọrùn jù láti sún wọn kúrò níwájú afárá nígbà tí ẹ bá ń ya máàpù náà.